Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tàǹtí, àbúrò ìyá mi, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ríṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ń wá yàrá kan àti pálọ̀ fún un. Ọkùnrin kan tí wọn kò rí rí ti fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Ó ní ilé náà kò jìnnà sí ọjà Wándò, ó ní yàrá rẹ̀ tó mítà 4 sí mítà 5, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi 90,000 sẹ́fà ránṣẹ́ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, torí pé àwọn mìíràn ti ń dù ú.

Ohun tí Tàǹtí bá wá kò kan ibi tí ilé náà wà rárá. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa iná. Bá mi wò ó bóyá iná ilé yìí ò ní jó ọmọ mi." Mo wo àwòrán àkọ́kọ́, n kò rí nǹkan sọ. Mo wo ìkejì, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fi tóbi. Mo ní, "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Kò jọ pé Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán yìí."

Ó wò mí bí ẹni tí ó rí babaláwo. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí n fi ohun tí mo rí hàn wọ́n.

Ìdí tí mo fi tètè rí i ni pé apá méjèèjì ààlà ni mo ti ṣiṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ iná, ọdún mẹ́rin gbáko, kí n tó padà wálé. Láti Kétu dé Ìlárá dé Ìmẹ̀kọ, ẹnu kan náà là ń sọ. Ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 ló fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí ó fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu tẹ́lẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn èèyàn wa nínú fídíò, ohùn náà kò ní sọ apá ibi tó wà fún yín. Oúnjẹ rẹ̀ kò ní sọ ọ́, aṣọ rẹ̀ kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ògiri yàrá rẹ̀ hàn mí, mo lè gbìyànjú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà nígbà tí mo padà dé ni ó là mí lójú. Mo ti ra ẹrù mi wá láti Abẹ́òkúta: sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta pẹlẹbẹ, àti àpótí onírin onígun mẹ́rin tó ń wọnú ògiri. Nígbà tí mo dé ilé náà, bíríkìlà ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí àṣà ibí: róbótó, bí ẹni fi agolo mílíìkì tẹ̀ ẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 67. Àpótí onírọ́bà róbótó ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù la ògiri kí tèmi lè wọlé. Mo fi ọjọ́ méjì ṣe é. Nígbà tí onílé gbé fíríìjì rẹ̀ dé, ẹnu wáyà rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá róbótó méjì, kò wọ ohun tí mo so. Owó àpò mi ni mo fi ra òmíràn, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá wọ yàrá, ìsàlẹ̀ ògiri ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ, ó sì ti di bárakú fún mi débi pé bí mo bá ń wo àwòrán ìgbéyàwó, mo lè má rí ìyàwó kí n tó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó wà nínú àwòrán kejì Tàǹtí nìyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, pálí funfun kan, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ń bo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súìṣì, wà lára ògiri, ó gùn ní ìbú. Ihò mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ lọ́nà méjì, gbogbo ihò náà pẹlẹbẹ: ọ̀kan dúró lókè, méjì dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀. Súìṣì kékeré kan wà lókè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, irú tí wọ́n ń pè ní G, tí wọ́n ti fi ìlànà lélẹ̀ fún láti ọdún 1947. Nàìjíríà ń lò ó, Gánà ń lò ó, Kẹ́ńyà ń lò ó, Málésíà ń lò ó, Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ń lò ó.

Ti wa, tí ọ̀pọ̀ wa ní Kétu ń pè ní pírísì, jẹ́ kòtò róbótó kékeré kan nínú pálí. Ihò róbótó méjì ló wà nísàlẹ̀ kòtò náà, ọ̀pá irin kan sì yọ jáde láti inú rẹ̀ sí wa, òun ni ti wáyà ilẹ̀ tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Irú E nìyẹn. Nínú àwọn ilé tó ti pẹ́, ọ̀pá yẹn kì í sí, ihò méjì lásán ni. Kò ní súìṣì lára. Kódìfúà, Kamẹrúùnù àti Faransé ń lo irú rẹ̀, Bẹ́líjíọ̀mù àti Pólàńdì náà ń lò ó, nítorí náà ọ̀pá irin yẹn nìkan kò tó láti sọ pé Bẹ̀nẹ̀ ni. Ó kàn lè sọ pé Nàìjíríà kọ́, àgàgà bí ó bá wà káàkiri ilé.

Nígbà tí àwòrán bá ti ṣókùnkùn tàbí tí wọ́n yà á láti ọ̀nà jíjìn, ihò kì í hàn. Ohun tí mo ń wá nígbà yẹn ni ìdè, ìṣó oníyíyí tí wọ́n fi ń de pálí mọ́ ògiri. Pálí Gẹ̀ẹ́sì ní orí ìdè méjì lójú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n wà ní ìpele kan náà. Ti Faransé sábà máa ń fi ìdè rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ojú pálí, tàbí kí ìdè kan ṣoṣo wà láàárín gan-an. Súìṣì iná náà ní ìwà tirẹ̀: lára ti Gẹ̀ẹ́sì, pálí tóbi, ohun tí a ń tẹ̀ kéré láàárín rẹ̀, lára ti Faransé, ohun tí a ń tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pálí. Mo ti fi súìṣì ẹnu ọ̀nà nìkan mọ yàrá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ farasin sẹ́yìn àga.

Ọmọọṣẹ́ mi tó dúró tì wá ni ó dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rántí ilé oníṣòwò yẹn o."

Ó tọ̀nà. Ní ìgbà kan, ẹnìkan fi àwòrán pálọ̀ hàn mí, mo sì fi ìdánilójú sọ pé Nàìjíríà ni. Àṣé Kétu níbí ni, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó kọ́ ilé náà ń ta ọjà ní Èkó. Nígbà tí ó ń kọ́lé, ó kó wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, súìṣì àti fáànù láti ibẹ̀ wá, ó sì mú oníná Nàìjíríà dání. Inú pálọ̀ yẹn kò ní ohun Faransé kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe nítorí pé mo ṣìnà, bí kò ṣe pé mo sọ ọ́ tìdánilójútìdánilójú. Mo lọ bẹ onílé pé kó jẹ́ kí n wo ilé náà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, kí n lè mọ ohun tí ó yẹ kí n ti wò.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo ń lò títí di òní. Kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló fi gbogbo nǹkan sára ògiri. Ohun tí ayálégbé kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun ló mú un wá, ó sì lè mú un láti ibikíbi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìṣì, onílé àti oníná ló yàn án. Ṣùgbọ́n mítà àti bírékà ńlá tó wà nídìí rẹ̀, ilé iṣẹ́ mànàmáná ló gbé e wá, ilé iṣẹ́ mànàmáná kì í sì í lọ ra ọjà l'Èkó. Nínú ilé oníṣòwò yẹn, ohun gbogbo jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì títí tí mo fi dé ìdí mítà. Ibẹ̀ ni Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ohun tí onílé yàn, tí ẹni tí kò bá ṣí ògiri rí kò lè mọ̀. Ihò ìdè lára àpótí róbótó Faransé jìnnà síra ní mìlímítà 60. Ti pálí Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́yọ kan jẹ́ mìlímítà 60.3. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó ní ohun tí a fi ń tú ìdè lè yọ pírísì ẹlẹ́yọ kan kúrò, kó sì de sọ́kẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́yọ kan mọ́ àpótí kan náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfọwọ́ kan ògiri. Ṣùgbọ́n oníméjì kò rí bẹ́ẹ̀. Pálí oníméjì fẹ̀ ní mìlímítà 146, ìdè rẹ̀ jìnnà síra ní ìlọ́po méjì ti ẹlẹ́yọ kan, ó sì fẹ́ àpótí gígùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ la ògiri fún. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ ògiri, kó rẹ́ ẹ, kó tún un kùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ka ẹlẹ́yọ kan sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tí mo sì ń ka oníméjì sí ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí.

Ti àwòrán Tàǹtí jẹ́ oníméjì. Ìyẹn sọ fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ni wọ́n ti pinnu rẹ̀. Ó kù kí n mọ̀ bóyá onílé bíi ti oníṣòwò wa ni.

Mo padà sí àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí n kò rí nǹkan sọ nípa rẹ̀. Pálọ̀ ni. Òrùlé inú rẹ̀ jẹ́ pí-ó-pí, fáànù oníapá mẹ́ta rọ̀ láàárín, ilẹ̀ jẹ́ táìlì dídán aláwọ̀ wàrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fẹ́ fi fáànù mọ ìlú. N kò gbẹ́kẹ̀ lé e láàárín àwa àti Nàìjíríà. Fáànù onírin oníapá mẹ́ta, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 56, wà ní ìhà méjèèjì ààlà, inú páálí kan náà ni wọ́n ti ń tú u. Ibi tí ọwọ́ ìyára rẹ̀ wà ló lè wúlò díẹ̀, bí ẹ bá ń wo ibi tó jìnnà. Ní Íńdíà, ọwọ́ ìyára náà sábà máa ń wà lórí pálí gígùn kan náà pẹ̀lú súìṣì kéékèèké tó tò jọ bí eyín, sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì ní ihò róbótó mẹ́ta, tí ti òkè tóbi ju àwọn méjì ìsàlẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n kékeré ni ó ń rọ̀ láti ara fáànù, apá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ igi, ó lè tó márùn-ún, gílóòbù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú pálọ̀ Tàǹtí, ọwọ́ ìyára náà jẹ́ pálí onígun mẹ́rin tó ní kókó yíyí kan, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì. Àti ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ wọn ló rí bẹ́ẹ̀.

Gílóòbù náà ti tan àwọn kan jẹ. Wọ́n ti gbọ́ pé èyí tó ní ìkọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ń tì bọ̀ ọ́ tí a sì ń yí díẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n wá ń fi í ka Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Faransé náà lo irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì kún inú ilé tó ti pẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Bí ìbéèrè bá jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Nàìjíríà, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀.

Ti táìlì, tí a ń pè ní kárò níbí, ó rìn ju gbogbo wọn lọ. Ọkọ̀ tó kó táìlì kì í béèrè ibi tí ààlà wà. Ohun tí mo fi ń wò ó yàtọ̀: ó máa ń sọ bí ilé ti pẹ́ tó, ó sì máa ń ṣe òṣùwọ̀n fún mi. Ilẹ̀ símẹ́ńtì tó ní òkúta wẹ́wẹ́ dídán nínú, tí wọ́n ń pè ní tẹrásò, bí mo bá rí i ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ilé tó ti pẹ́ ni. Kárò kéékèèké sọ ohun kan, kárò ńlá dídán sọ òmíràn.

Bí mo ṣe fi ṣe òṣùwọ̀n nìyí. Nínú àwòrán kejì, pálí oníméjì yẹn wà lókè etí táìlì tó gun ìsàlẹ̀ ògiri, lórí ògiri kan náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́kánkán ara wọn. Mo mọ̀ pé pálí náà fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 14.6. Mo fi etí bébà wọn ọ́n lórí fóònù, mo sì rí i pé táìlì kan gba pálí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Nítorí náà, táìlì náà jẹ́ sẹ̀ńtímítà 60, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Àwòrán náà fi igun yàrá méjì hàn. Mo ka táìlì láti igun kan dé èkejì: márùn-ún. Mo ka ti ẹ̀gbẹ́ kejì títí dé ẹnu ọ̀nà: mẹ́fà. Yàrá náà jẹ́ mítà 3 sí mítà 3.6. Ọkùnrin náà ní mítà 4 sí 5 ni. Ẹ má ṣe fi pálí tó wà lórí ògiri kan wọn táìlì tó wà láàárín ilẹ̀ o, torí ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ohun méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ògiri kan náà.

Tàǹtí ní, "Ó lè jẹ́ pé kò mọ ìwọ̀n ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwòrán kẹta ni ó mú kí ọkàn mi túbọ̀ wúwo. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lókè ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni súìṣì ńlá kan wà, ohun tí a ń tẹ̀ lára rẹ̀ pupa, iná kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, mi ò ní gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ògiri láìfi irú súìṣì yẹn sí i, ọ̀gá mi á bá mi wí. Ó wà fún omi gbígbóná, ó wà fún ààrò oníná. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, wáyà ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń lọ tààrà sí bírékà tirẹ̀ nínú pátákó, ògiri á sì mọ́. Súìṣì pupa yẹn kì í ṣe ohun tí a lè rà torí pé ó lẹ́wà. Oníná tí wọ́n kọ́ báyẹn ló ń fi í síbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹrù nìkan ló wá láti ìhà kejì, ọwọ́ tó so ó náà wá láti ibẹ̀.

Àwòrán kẹrin jẹ́ ilé ìdáná, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ilé ìdáná á máa wo ààrò. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí irin aláwọ̀ eérú kan wà níbẹ̀ tó ní ọwọ́ gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣéńjì-ófà ní Nàìjíríà: bí iná ìjọba bá lọ, wọ́n á fa ọwọ́ náà sí ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Mo ti so ó mọ́ ògiri ní Abẹ́òkúta ju iye tí mo lè kà lọ. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Kétu, àwọn tí mo so kò pé mẹ́wàá, ilé ìtura àti ilé ìwòsàn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mo sọ ohun tí mo rò fún Tàǹtí bí ó ti rí lọ́kàn mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníméjì, súìṣì pupa àti ìdè méjì-méjì mú ilé náà kúrò ní ìhà Faransé. Wọn kò ya Nàìjíríà sọ́tọ̀ kúrò lára Gánà, torí ohun kan náà ni méjèèjì ń lò. Ṣéńjì-ófà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé lásán mú ọkàn mi fà sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè jẹ́ ilé bíi ti oníṣòwò wa, ní Àjàṣẹ́ tí kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò, níbi tí ẹrù Nàìjíríà ti ń wọlé lójoojúmọ́. Ohun kan ló kù tó lè pàrí rẹ̀.

Mo ní, "Tàǹtí, ẹ ní kó ya ìdí mítà fún yín. Kó ya mítà àti bírékà ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ògiri hàn pẹ̀lú."

Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí i níwájú mi. Ó dáhùn pé mítà wà nínú yàrá onílé, wọ́n ti tì í. Wọ́n ní kò burú, kó wá ya súìṣì ẹnu ọ̀nà. Ó ní fóònù òun kò dáa lóru. Wọ́n ní wọ́n á dúró di àárọ̀. Ó wá ní bí wọn kò bá sanwó lálẹ́ yẹn, òun á fún ẹlòmíràn. Tàǹtí ti fẹ́ rọ̀, torí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kò sì sí ibi tí yóò sùn. Mo rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tí ọmọ náà yóò bá ṣiṣẹ́ pọ̀ bá wọn dé ibi tí ọkùnrin náà júwe. Ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní kò sí yàrá tó ṣófo, wọn kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tó jẹ́. Wọ́n jẹ́ kó wo ilẹ̀ pálọ̀ wọn: kárò pupa kéékèèké ni, kì í ṣe aláwọ̀ wàrà. Tàǹtí pe ọkùnrin náà padà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Láti ìgbà yẹn, àwọn ará ilé ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n kọ́kọ́ ni pé àwòrán ta ni, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá jẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ sanwó fún, mo máa ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ kan ń wá ìyàwó tó sá fún un, mo ti sọ fún ẹni tó gbé e wá pé n kò ní wò ó, kì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Àwòrán tó ń fún mi ní wàhálà jù ni èyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu púpọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n gé ihò rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pá róbótó, ọ̀pá pẹlẹbẹ àti ti Amẹ́ríkà lè wọ ọ́. Ó ti Ṣáínà dé ibi gbogbo. Bí mo bá rí i, mo máa ń pa á tì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, màá wá súìṣì ẹnu ọ̀nà. Wáyà ìfagùn tó wà nílẹ̀ náà, n kò kà á sí, torí kò sí lára ògiri. Ẹnu wáyà tí wọ́n kì bọ ihò pàápàá ń tan ni: ní Nàìjíríà, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n fi ìdí bírò ti ihò òkè wọlé kí ọ̀pá róbótó méjì lè wọ ti ìsàlẹ̀. Ó léwu, ẹ má ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é, ẹni tó bá sì ń fi ọ̀pá róbótó nìkan mọ ìlú yóò gbé yàrá Abẹ́òkúta wá sí Kútọnu.

Ọmọ Tàǹtí rí ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi àwòrán yàrá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó sanwó, kò dúró kí n béèrè. Súìṣì ẹnu ọ̀nà: ohun títẹ̀ gba gbogbo pálí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: kòtò róbótó, ọ̀pá irin yọ síta. Ní ìdí mítà: bírékà ńlá tí mo ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yọ kan oníhò mẹ́ta pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, ìdè méjì lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ń kọ́?"

Mo lọ sí Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti bá a yẹ iná náà wò. Mo pa bírékà, mo tú ìdè méjèèjì, mo fa pálí náà jáde. Àpótí róbótó Faransé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Onílé ní ayálégbé kan tó ti Èkó wá ló pààrọ̀ rẹ̀ kí ohun èlò òun lè máa wọ̀ ọ́. Wáyà ilẹ̀ kò sí lára rẹ̀ rárá, ó ká jọ sínú àpótí, orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì ṣí. Mo bó orí wáyà náà, mo so pírísì mìíràn sí i, mo sì fi tèsítà yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tan bírékà padà.